Ojú Lọ̀lẹ: Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Tó Ń Ṣí Iṣẹ́ Tó Ń Bani Lẹ́rù

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀lẹ. Ojú ló máa ń wo oko láti orí ààlà, tí yóò sì ti sọ fún gbogbo ara pé kò ṣeé ro. Ọwọ́ ní tirẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Bí ọwọ́ bá ti di ọkọ́ mú, ebè kan tó wà níwájú rẹ̀ ló mọ̀. Ẹni tó ń fòní dónìí, tó ń fọ̀la dọ́la lórí iṣẹ́ kan, kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ kọ iṣẹ́ náà. Ojú rẹ̀ ló ti dá ẹjọ́ kí ọwọ́ tó débẹ̀. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní lórí ọ̀rọ̀ yìí: ẹ gé iṣẹ́ tó ń bà yín lẹ́rù kù, títí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò fi di ohun tí ẹ lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú 15. Ẹ ṣe ìyẹn, kí ẹ sì dìde.

Ìmọ̀ràn yìí rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni bí a ṣe ń gé iṣẹ́ ọ̀hún kù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù mọ̀ dáadáa ṣe àpẹẹrẹ, ká sì bá a dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò kan n'Ìbàdàn, Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é. Mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ, tòmátì inú agolo àti ìndómì ló ń tà. Àwọn ará àdúgbò máa ń rajà láwìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì máa ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ìwé àwìn kan ti kún, ojú ewé rẹ̀ jẹ́ 80. Èkejì ti dé ojú ewé 40. Ẹni tó bá wá sanwó lọ́wọ́, ó máa ń fagi lé orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ sí báńkì, nígbà mìíràn ó máa ń gbàgbé láti fagi lé e. Ní báyìí, ó fẹ́ yáwó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà, wọ́n sì ní kó mú àkọsílẹ̀ gbogbo owó tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ wá kí àwọn tó jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ fún un. Iléyá ti dé, ó ti kọjá, ìwé méjèèjì ṣì wà nínú páálí lábẹ́ káńtà.

Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní òun ò ráyè ni. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù wọ̀nyẹn, ó ti tú gbogbo ọjà orí pẹpẹ palẹ̀, ó sì ti tún un tò. Ó ti fọ fíríìjì, ó ti bá àwọn ọmọ rẹ̀ tún yàrá kun. Iṣẹ́ wọ̀nyẹn le ju kíka ìwé lọ, àárẹ̀ wọn sì pọ̀ jù ú lọ. Ẹni tó ṣe gbogbo ìyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Nínú ìwé yẹn ni orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ wà, tó ti ń gbé ọjà lọ láti ọdún tó kọjá tí kò sì san kọ́bọ̀. Orúkọ ìyàwó ààfáà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tó sì burú jù ni àpapọ̀ owó náà fúnra rẹ̀: bí ó bá rò ó pọ̀ tó sì rí i pé ìdajì owó òwò òun ló wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, kí ni yóò wí fún ara rẹ̀? Ó ń sá fún ìbànújẹ́ tó wà nínú ìwé. Ìwé ọ̀hún kò ṣe é ní nǹkan kan.

Àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2013, Fuschia Sirois àti Timothy Pychyl kọ ọ́ pé ìlọ́ra kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ àkókò lò ní pàtàkì. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà tu ara rẹ̀ nínú lójú ẹsẹ̀ ni. Iṣẹ́ náà ń mú inú wa bàjẹ́, a tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ara sì tù wá. Ìtura yẹn ni owó ọ̀yà tí ìlọ́ra ń san fún wa, kì í sì í jẹ wá ní gbèsè: bí a bá ti sọ pé “ó di ọ̀la” báyìí, ọkàn ti balẹ̀ báyìí. Èrè iṣẹ́ ní tirẹ̀ kò ní dé àfi lọ́jọ́ iwájú. Ìdí nìyẹn tí ìbáwí kì í fi í ran ẹni tó ń lọ́ra lọ́wọ́. Bí a bá bú Ìyá Ìbejì, tàbí tó bú ara rẹ̀, ńṣe ni ìwé náà yóò túbọ̀ máa mú inú rẹ̀ bàjẹ́ nígbàkígbà tó bá rí i, yóò sì tún wá nǹkan mìíràn fọ̀.

Ohun tó yẹ ká dín kù ni ìbẹ̀rù tó wà lẹ́nu ọ̀nà iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú 15 ti wúlò.

Gígé iṣẹ́ kù yàtọ̀ sí pípín iṣẹ́. Bí Ìyá Ìbejì bá mú bébà tó sì pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà 20, ó ti sọ ẹ̀rù kan di ogún, ojú rẹ̀ yóò sì rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Gígé kù túmọ̀ sí pé kó mú ibi ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, kó fi ìyókù sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ìbẹ̀rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní àmì mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, kó jẹ́ ohun tí ọwọ́ ń ṣe, tí ẹlòmíràn tó bá dúró tì í lè fi ojú rí. “Màá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò gbèsè” kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tí ọwọ́ yóò kọ́kọ́ gbé. “Màá ṣí ìwé kejì sí ojú ewé tí mo kọ kẹ́yìn, màá sì máa kọ orúkọ ẹni tí n kò fagi lé àti iye owó rẹ̀ sórí bébà kan” jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ wò ó pé kò ní kó ro owó pọ̀. Kò ní kó pe ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kó dé ojú ewé àkọ́kọ́. Ọwọ́ mọ ohun tó máa ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìbéèrè lọ́wọ́ orí.

Èkejì, kó kan iṣẹ́ náà gan-an. Ibí ni ìlọ́ra ti máa ń fi aṣọ iṣẹ́ bora. Ìyá Ìbejì lè fi ìṣẹ́jú 15 rẹ̀ lọ ra ìwé tuntun àti bírò aláwọ̀ pupa, tàbí kó fi rúlà fa ìlà sórí bébà, kó sì sọ pé òun ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìwé tuntun kò ní orúkọ onígbèsè kankan nínú, ìdí nìyẹn tí kò fi bà á lẹ́rù. Ọ̀nà tí a fi ń dá èyí mọ̀ ni ká bi ara wa pé: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 yìí, ṣé iṣẹ́ tí mò ń sá fún ti dín kù, bó ti wù kó kéré mọ? Bí kò bá dín kù rárá, ìpalẹ̀mọ́ la ṣe.

Ẹ̀kẹta, kó jẹ́ aago ni yóò parí rẹ̀. Bí a bá sọ pé “màá ṣe ojú ewé mẹ́wàá”, a kò mọ ohun tó wà nínú ojú ewé mẹ́wàá náà. Ó lè gba wákàtí kan, ara wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 15 ní òpin tí kò ṣeé jiyàn lé lórí. Bó ti wù kí ìwé náà bani nínú jẹ́ tó, a mọ ìgbà tí yóò tán. Kò sí oògùn nínú iye yẹn fúnra rẹ̀. Ó gùn tó fún ọwọ́ láti wọnú iṣẹ́, ó sì kúrú tó láti ráyè fún kí oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bí ìṣẹ́jú 15 bá ṣì ń mú àyà yín já, ẹ sọ ọ́ di márùn-ún. Ìyẹn náà ju òdo lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí ìjókòó àkọ́kọ́ ṣe rí. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, Ìyá Ìbejì gbé ìwé kejì kúrò nínú páálí, ó gbé e sórí káńtà pẹ̀lú bébà kan àti bírò, ó sì fi ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ síbi tó wà. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù: ohun tí a óò lò láàárọ̀, alẹ́ là ń gbé e jáde, kí ìwákiri má baà di àwáwí. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé, “Bí mo bá ti kírun Àsùbáà tán, kí n tó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, màá jókòó sídìí káńtà, màá ṣí ìwé kejì.” Nígbà tó kírun tán, ó jókòó, ó fi ìṣẹ́jú 15 sórí aago fóònù, ó sì da ojú fóònù délẹ̀.

Ojú ewé 40 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn. Ohun tó jẹ́ kó ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ ni pé gbèsè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ló rọrùn jù láti rántí, òun náà ló sì ṣeé gbà jù. Orúkọ àkọ́kọ́: ₦1,200, mílíìkì àti ṣúgà. Ó kọ ọ́. Èkejì: ₦3,500. Ó kọ ọ́. Ó dé orí orúkọ kan tó jọ pé ẹni náà ti fi owó ránṣẹ́ sí báńkì. Ọkàn rẹ̀ ní kó ṣí fóònù wò ó bóyá àláàtì wọlé. Bó bá ṣí i, yóò bá iṣẹ́ Wọ́sáàpù níbẹ̀, ìṣẹ́jú 15 ti lọ nìyẹn. Ńṣe ló kọ “B” sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, ìyẹn ni pé kó yẹ̀ ẹ́ wò ní báńkì lọ́jọ́ mìíràn, ó sì kọjá. Níwájú díẹ̀ ó rí “Ìyá Káfáyàt” àti “Ìyá ojúlé kejì”, kò sì dá a lójú bóyá ẹnì kan náà ni. Ó fi àmì ìbéèrè sí i, ó kọjá. Àṣírí ìjókòó kúkúrú nìyí: ohun tó bá ní ká dúró ro ó, àmì là ń fi sí i. Ìrònú ní ìjókòó tirẹ̀.

Aago dún. Ojú ewé márùn-ún ló ti ṣe.

Àwọn kan lè ní kí ni ojú ewé márùn-ún jẹ́ nínú 120? Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé Ìyá Ìbejì ti rí ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìjókòó kan gba ojú ewé márùn-ún. Ìwé kejì tó jẹ́ ojú ewé 40 yóò gba ìjókòó mẹ́jọ. Ìwé àkọ́kọ́ tó jẹ́ 80 yóò gba 16. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24, bí a bá sì sọ ọ́ di wákàtí, wákàtí mẹ́fà ni. Iṣẹ́ tó ti ń gbé kọ́ ọrùn kiri láti ìgbà ààwẹ̀, tó rò pé òun yóò ti ṣọ́ọ̀bù pa fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kí òun tó lè ṣe, wákàtí mẹ́fà péré ni. Bó bá ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó di ọjọ́ 24. Bó bá ń jókòó láàárọ̀ àti lálẹ́, ọjọ́ 12.

Ìwọ̀n yìí ni mo kà sí èrè tó tóbi jù nínú ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, ó sì ju ojú ewé márùn-ún yẹn lọ. Ẹ̀rù kì í ní ìwọ̀n. Iṣẹ́ tí a kò tíì fọwọ́ kàn lè tóbi tó bí ojú bá ṣe fẹ́ kó tóbi tó, kò sì sí ẹni tó lè bá ojú jiyàn nítorí kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìjókòó kan, ẹ̀rí ti wà. Nígbà mìíràn ẹ̀rí náà yóò sọ pé iṣẹ́ ọ̀hún tóbi ju bí a ṣe rò lọ. Ìyẹn pẹ̀lú dára, nítorí ẹni tó mọ̀ pé wákàtí 40 ni iṣẹ́ òun lè lọ bẹ̀bẹ̀ fún àkókò sí i tàbí kó wá olùrànlọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ̀, àyà rẹ̀ nìkan ni yóò máa já.

Nígbà tí aago bá dún, ṣé ká dìde ni àbí ká máa bá a lọ? Ìjókòó mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń wù yín láti máa ṣe é lọ. Ẹ ti ṣe ìlérí fún ara yín pé ìṣẹ́jú 15 ni. Bí ẹ bá fi ìlérí yẹn tan ara yín jẹ, tí ẹ jókòó fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara yóò rántí. Ní ọ̀la, bí ẹ bá ní ìṣẹ́jú 15 péré ni, kò ní gbà yín gbọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ìtara bẹ̀rẹ̀ ló ń subú síbí: wọ́n ṣe wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Ajé, ó rẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iṣẹ́ náà sì padà sínú páálí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kì í fi gbogbo orí wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìjókòó kẹta tàbí ìkẹrin, tí ìbẹ̀rù ti lọ sílẹ̀, ẹ lè máa lò ju ìṣẹ́jú 15 lọ bí ọjọ́ bá gbà yín láyè.

Kí ẹ tó dìde, ẹ ṣe nǹkan kan sí i: ẹ dá iṣẹ́ náà dúró sí ààrin, kí ẹ sì kọ ohun tí ọwọ́ yóò kọ́kọ́ ṣe lọ́la sílẹ̀. Ìyá Ìbejì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ bébà rẹ̀ pé, “Ojú ewé 35, orúkọ kẹta láti òkè.” Èyí ṣe pàtàkì, nítorí iṣẹ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ tí a kò parí máa ń pe èèyàn padà. Onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá kan, Maria Ovsiankina, fi èyí hàn ní Bẹ̀líìnì lọ́dún 1928. Ó fún àwọn èèyàn ní iṣẹ́ kéékèèké, ó dá wọn dúró kí wọ́n tó parí, lẹ́yìn náà ó fi wọ́n sílẹ̀ láìsọ fún wọn pé kí wọ́n tẹ̀ síwájú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló padà sídìí iṣẹ́ náà fúnra wọn, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣèlérí èrè fún wọn. Ohun kan náà tó ń lé wa sá kí a tó bẹ̀rẹ̀ a máa fà wá mọ́ra nígbà tí a bá ti wà láàárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n àfi ká ti bẹ̀rẹ̀ ná.

Mo ti sọ pé Ìyá Ìbejì so ìjókòó rẹ̀ mọ́ ìrun Àsùbáà. Ẹ má fojú kéré èyí. Ẹni tó bá sọ pé “màá ṣe é lọ́la” kò tíì dá ìgbà, nítorí ọ̀la ní wákàtí tó pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì lè máa tì í sí èkejì. Lọ́dún 1997, Peter Gollwitzer àti Veronika Brandstätter gbé ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Jámánì. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìròyìn bí wọ́n ṣe lo ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, kí wọ́n sì kọ ọ́ láàárín wákàtí 48. Wọ́n ní kí àwọn kan sọ ibi tí wọn yóò ti kọ ọ́ àti ìgbà tí wọn yóò kọ ọ́. Wọn kò bi àwọn yòókù. Nínú àwọn tó dá ìgbà àti ibi, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kọ ọ́ lásìkò. Nínú àwọn yòókù, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni. Gbogbo wọn ló ní in lọ́kàn láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ti ṣe ìpinnu náà sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kò sì sí ohun tí wọ́n tún ń bá ara wọn jiyàn lé lórí mọ́.

Fún ilé tiwa, ó dára ká so ìjókòó mọ́ ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ tí kì í yẹ̀: lẹ́yìn ìrun, lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ síléèwé. Iná lè lọ, aago lè dúró, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yóò lọ síléèwé.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé nǹkan ti ń yà kúrò lọ́nà? Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọjọ́ kan yóò fò. Ọmọ yóò ṣàìsàn tàbí àlejò yóò dé, ìjókòó kò ní wáyé. Ọjọ́ tó fò kò burú. Ohun tó burú ni gbèsè tí a máa ń kó lé ara wa lórí nítorí rẹ̀, pé “n kò jókòó lánàá, nítorí náà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo gbọ́dọ̀ jókòó lónìí.” Bí ìyẹn bá tún fò, ó di ìṣẹ́jú 45, ẹ̀rù sì ti padà dé. Bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. A kì í tìtorí rẹ̀ lọ wá ẹṣin tó ga jù ú lọ. Ìṣẹ́jú 15 òní ni ti òní, ti àná ti lọ.

Ohun kejì ni pé ìgbésẹ̀ náà lè wà ní kékeré, síbẹ̀ kí a máa sá fún un. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ nígbà méjì tẹ̀ lé ara wọn, ẹ má fipá mú ara yín nígbà kẹta. Ẹ tún un gé kù, tàbí kí ẹ wò ó bóyá ohun mìíràn ló fara pa mọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Ìbejì bá parí àkọsílẹ̀, iṣẹ́ tó kù ni kó lọ gba owó. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ yóò tún ti wọ́, nítorí ẹni tó mọ̀ rí lójú ni yóò bá sọ̀rọ̀. Bó bá kọ “màá pe àwọn onígbèsè” sílẹ̀, kò ní pe ẹnikẹ́ni. Kó gé e kù: ní ìjókòó kan, kó mú ẹnì kan ṣoṣo, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn jù, kó kọ ohun tí yóò sọ sílẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ kí aago tó dún. Ó lè rí báyìí: “Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Ṣadé. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó ilé. Mo ní kí n rán yín létí ọjà ìjọ́sí, ₦3,500 ló kù. Ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ yìí ni kí n máa fojú sọ́nà? Bí ìdajì ló bá wà nílẹ̀, mo dúpẹ́.” Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, iye owó wà nínú rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí kò ní gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀ràn ti àbúrò ọkọ lè dúró di ẹ̀yìn, nígbà tí ẹnu bá ti mọ ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́dọ̀ àwọn mìíràn.

Ìṣẹ́jú 15 ní ààlà tirẹ̀, kò sì yẹ ká fi í wo gbogbo àìsàn. Ọ̀nà kan ò wọjà. Bí ohun tó dá yín dúró bá jẹ́ pé ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, ìjókòó kò ní kọ́ yín. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 náà lọ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n léèrè. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìpinnu wà, tí ọkọ tàbí ọ̀gá kò tíì fọwọ́ sí i, ìlọ́ra kọ́ nìyẹn, ìdúró ni. Bí iṣẹ́ náà bá sì jẹ́ èyí tí kò yẹ kó jẹ́ tiyín rárá, kíkọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ sàn ju bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti ẹni tó jẹ́ pé gbogbo nǹkan pátá ló ti sú u, tí wíwẹ̀ àti jíjẹun pàápàá ti di òkè, tí oorun kò wá tàbí tí kò lọ, tí ó sì ti ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Iṣẹ́ kan kọ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń sá fún, ara rẹ̀ ni kò yá. Kó lọ rí dókítà, kí àwọn ará ilé sì bá a lọ, kí wọ́n má pè é ní ọ̀lẹ.

Ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n ṣe, tó jẹ́ tiwa, tí a kàn ń yí ojú kúrò lára rẹ̀, ìdúró kò gbè wá. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Gbèsè oṣù kan, onígbèsè mọ̀ pé òun jẹ ẹ́. Bó bá di ọdún méjì, ó lè ti kó lọ, ó sì lè ní òun ti san, kí olówó wá di ẹni tó ń wá ẹ̀rí kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn tí a kò lọ fi han dókítà, àti ìwé ilẹ̀ tí a kò tọ́jú nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí ṣì wà láyé.

Nítorí náà, ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe méjì. Ẹ kọ gbólóhùn kan sórí bébà pé: bí mo bá ti ṣe nǹkan báyìí tán lọ́la, màá jókòó síbi báyìí, ọwọ́ mi yóò sì ṣe nǹkan báyìí fún ìṣẹ́jú 15. Bí ẹni tó jókòó tì yín bá ka gbólóhùn náà tí kò lè fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kò tíì kéré tó. Ẹ tún un gé. Bó bá lè ṣàpèjúwe rẹ̀, ẹ gbé ohun tí ẹ óò lò jáde lálẹ́ òní kí ẹ tó sùn.